Ìwé owó mẹ́ta fún ọgbà kan ṣoṣo: èwo ni kí n mú?

Ìyá Tánkè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mo fẹ́ mọ ọgbà yí ilẹ̀ mi ká ní Tánkè, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, kí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ kọ ₦1,950,000, ó ka búlọ́ọ̀kù 1,830. Ẹnì kejì kọ ₦2,700,000, ó ka búlọ́ọ̀kù 2,400 ní ₦600 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òpó onírin kún un ní ₦360,000. Ẹnì kẹta kàn kọ "gbogbo iṣẹ́ ọgbà, ₦2,300,000". Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àbúrò mi ní kí n ṣọ́ra.

Bàbá Ọ̀fà: Ẹ ra ohun èlò fúnra yín, kí ẹ san owó iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ Bíríkìlà: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó máa rà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tó máa rà. Mo bá Ìyá wa ṣírò rẹ̀. Tí a bá yọ ẹsẹ̀ bàtà 14 fún géètì, ó ku nǹkan bíi mítà 87. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan yóò gba nǹkan bíi 190. Ohun tó wà lókè ilẹ̀, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́, ló jẹ́ 1,830 tí ẹni àkọ́kọ́ kọ. Kò ka èyí tó máa wọlẹ̀ rárá. Ìlà mẹ́ta lábẹ́ ilẹ̀ jẹ́ 570, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kejì ṣe dé 2,400. Ẹ wá fi ₦342,000 fún 570 yẹn àti ₦360,000 fún òpó kún owó ẹni àkọ́kọ́: ó di ₦2,652,000. Ìyàtọ̀ ₦750,000 tó wù yín ti ku ₦48,000, a ò sì tíì ka sìmẹ́ǹtì tí wọn yóò fi to ìlà mẹ́ta náà. Ẹ̀fúùfù òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣeré pẹ̀lú ọgbà gígùn tí kò ní òpó.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Páànù ni tèmi o. Wọn kò kọ ìṣó àti owó ọkọ̀ sí ìwé, èmi ni mo san án lẹ́yìn. Ṣé orí ilé yín ti parí?

Ìyá Tánkè: Ọgbà ni mò ń ṣe, Ìyá Ìbejì. Ọmọ mi, ẹnì kẹta wá ńkọ́?

Ọmọ Bíríkìlà: Ẹ kọ ohun kan náà sí orí ìwé kan, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún iye owó, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀: gbígbẹ́ ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ àti tòkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá ti ínṣì 6 tàbí 9, òpó, àti owó ọkọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ kò lè mọ ohun tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún wò ó: nínú ohun tí ẹ kọ síbí, n kò rí rírẹ́ ògiri.

Bàbá Ọ̀fà: Ilẹ̀ líle kò nílò ìlà mẹ́ta. Méjì tó.

Ọmọ Bíríkìlà: Bàbá, ó di ìgbà tí a bá gbẹ́ ilẹ̀ náà wò.

Ìyá Tánkè: Lóòótọ́, kò sí èyí tó kọ rírẹ́ ògiri nínú wọn. Ṣé èmi ni mo máa san ti apá tó kọjú sí ilé aládùúgbò mi?