Àìyẹ̀ aṣọ, ìdúróṣinṣin aṣọ, àbí kí ni?

Ọmọ Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ojúmọ́ o. Mò ń kọ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń túnṣe fídíò. Bí èèyàn bá pa àwọ̀ aṣọ dà nínú fídíò, tí aṣọ náà sì rí bákan náà láti férémù kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, kí ni ká máa pè é? Mo rí "ìdúróṣinṣin aṣọ" níbì kan, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá Onígírámà:
Báwo ló ṣe máa tẹ́ ẹ lọ́rùn? Ta ló gbọ́ ọ rí pé aṣọ dúró ṣinṣin? Ọ̀rẹ́ ní í dúró ṣinṣin, ìránṣẹ́ ní í dúró ṣinṣin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí a kàn ṣí ìwé atúmọ̀, ẹ ó mú ọ̀rọ̀ tí ojú yín bá kọ́kọ́ bà, ẹ ó ní ẹ ti ṣẹ̀dá èdè-ìperí.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Yẹ̀! Àdéhùn a máa yẹ̀, ẹsẹ̀ a máa yẹ̀. Ohun tí kò kúrò ní ipò rẹ̀, kò yẹ̀ nìyẹn. Àìyẹ̀ aṣọ ni kó o kọ. Ó tán.

Ìyá Peckham:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ka "aiyẹ aṣọ" lórí fóònù mi tí kì í gbé àmì ohùn jáde, mo ní ta ni aṣọ ò yẹ? Inú ti fẹ́ bí mi.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Gèlè aláwọ̀ búlúù ni mo wé níbi ìgbéyàwó ọmọ mi. Nínú fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ó jẹ́ búlúù, nínú fọ́tò gbọ̀ngàn ó ti di àwọ̀ elésè àlùkò. Onífọ́tò ní òun ti tún un ṣe, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn èèyàn wá ń bi mí pé gèlè méjì ni mo rà ni? Lóòótọ́ wọ́n tú u, wọ́n tún un wé kí n tó wọ gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n gèlè kan náà ni. Ṣé ẹ lè sọ fún onífọ́tò yẹn pé aṣọ ẹbí kì í ṣeré?

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Mọ̀mọ́, ọ̀rọ̀ yín ò le. Ó fi wáìtì bálàǹsì kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣe é fúnra rẹ̀ ni. Kó tún fọ́tò kan ṣe dáadáa, kó da ètò tó fi ṣe é kọ sórí gbogbo ìyókù. Fídíò náà bẹ́ẹ̀ náà ni. Férémù kan ni ẹ ó tún ṣe, ìyókù á tẹ̀lé e. Kí la ń pariwo sí?

Ní ti orúkọ, mo fara mọ́ "ìjọra aṣọ".

Bàbá Onígírámà:
Ìjọra kẹ̀! Ohun méjì ní í jọra. Ìbejì jọra. Ìró kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ró, ta ni ìró náà wá jọ?

Ẹ̀dítọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

Aláṣọ òkè kan gbé fídíò wá fún mi. Obìnrin kan ró ìró àlàárì, ó wá láti abẹ́ ìbòòji bọ́ sínú oòrùn, ó yí po, ó sì gbé ọwọ́ kọjá níwájú ìró náà. Ìṣẹ́jú àáyá 8 ni gbogbo rẹ̀, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn férémù 200. Aláṣọ ní àlàárì ti tán lọ́wọ́ òun, aláwọ̀ ewé ló kù, kí n sọ ìró náà di àwọ̀ ewé.

Àwọ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kámẹ́rà yẹn ti ń fúnra rẹ̀ dín ìmọ́lẹ̀ kù bí obìnrin náà ṣe ń bọ́ sínú oòrùn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tò. Bí mo bá fi àwọ̀ ewé lé e lórí kí n tó tò ó, ìró á bẹ̀rẹ̀ ní ewé tó ki, á sì parí ní ewé tó ṣí. Ìgbà tí ìyẹn tán ni mo wá fi `Qualifier` inú DaVinci Resolve mú pupa, tí mo fa `Hue vs Hue` lọ sí àwọ̀ ewé. Kíá, iyùn ọrùn obìnrin náà di àwọ̀ ewé, ètè rẹ̀ náà di àwọ̀ ewé! Pupa àlàárì, pupa iyùn àti pupa ètè kò jìnnà síra wọn, ẹ̀rọ ò sì mọ èwo ni aṣọ.

Mo wá fa ààlà yí ìró nìkan ká, mo ní kí ààlà náà máa bá ìró lọ. Àwọn ọmọṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ èyí láti férémù kìíní. Férémù tí ìró ti kọjú sí wa gbangba ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ àárín, kí ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀lé e síwájú, kí ó sì tẹ̀lé e sẹ́yìn. Nígbà tí ọwọ́ obìnrin náà kọjá, ààlà fi ìró sílẹ̀, ó bá ọwọ́ lọ. Níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń dá a padà ní férémù kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Nítorí náà, Ọmọ Ìsẹ́yìn, "ìyókù á tẹ̀lé e" tí ẹ wí yẹn, títí ọwọ́ á fi kọjá ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó dára: ẹ má kàn jẹ́ kó máa sáré lọ kí ẹ máa wò ó. Ẹ tẹ `Shift+H`, ibi tí ẹ mú nìkan á ku àwọ̀, ìyókù á di eérú. Ẹ wá jẹ́ kó lọ. Bí ihò bá ń ṣí tó ń dí lára ìró, ó ti tán, aṣọ á máa ṣẹ́jú. Ibi tí oòrùn ti dán lórí ìró ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí ibi tó bá ti fẹ́ funfun kò ní pupa tó láti mú. Ẹ fẹ ohun tí ẹ mú díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tò férémù 1, 100 àti 200 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọ̀ tó bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ojú kì í rí i nígbà tí fídíò bá ń lọ, àfi báyìí.

Ohun tó ṣẹ́kù tí n kò rí ṣe ni etí ìró tó ṣì ń yọ pupa fírífírí. Fóònù ni wọ́n fi yà á, 4:2:0 sì ni fóònù fi tọ́jú rẹ̀: píksẹ́lì mẹ́rin ló ń lo àwọ̀ ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kálukú wà lọ́tọ̀. Àwọ̀ etí ìró àti ti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dà pọ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Mo dín in kù, kò tán.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, bí àwọ̀ bá ń dá wáí tó ń pòórá, a ní "aṣọ ń ṣẹ́jú". Bó bá jẹ́ ọnà tuntun la fi bo aṣọ, tí aṣọ ń lọ tí ọnà dúró lójú kan, a ní "ọnà ń yọ̀". Àìsàn méjì ni, oògùn wọn ò papọ̀. Èyí kejì, ìṣẹ́po aṣọ ni ẹ ó máa so ọnà mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ò bá a tan rárá.

Olùkọ́ Kékeré, Ifẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Èyí tó ń dà mí láàmú ni "àì-" tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àìsàn, àìní, àìgbọ́ràn, àléébù ni gbogbo wọn. Ohun rere la ń sọ níbí, ẹ ò lè fi "àì-" pè é. Àti pé ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn, "àìyẹ" ló kọ yẹn. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á máa wá aṣọ tí kò yẹ obìnrin náà.

Bàbá Onígírámà:
Olùkọ́, ta ló kọ́ ẹ? "Àìkú parí ìwà" ńkọ́? Ṣé àìkú náà jẹ́ àléébù? Bí o bá ní "àì-" burú, má ṣàmín mọ́ bí wọ́n bá gbàdúrà ẹ̀mí gígùn.

Ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn kó lọ rántí rẹ̀. Nítorí ọ̀lẹ, ká má sọ èdè mọ́?

Ìwọ Ẹ̀dítọ̀, mo gbọ́ iṣẹ́ rẹ, o mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ní í ṣẹ́jú. Aṣọ ò lójú.

Olùkọ́ Kékeré, Ifẹ̀:
Iná ń ṣẹ́jú, ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú. Ojú wọn dà, sà?

Ìyá Peckham:
Ìyá tó wò mí dàgbà, aláró ni, ní Òṣogbo. Bó bá tẹ aṣọ bọ aró tán, ó máa nà án síta, ó máa wo igun dé igun, ó máa ní "aró rẹ̀ dọ́gba". Kò ní gírámà kankan. Ẹ ò ṣe lo dọ́gba?

Bàbá Onígírámà:
Ìyá wa ṣe bẹbẹ, àmọ́ aṣọ kan tó tẹ́ nílẹ̀ ló ń sọ. Ìyẹn ò sí lára ohun tó ń lọ.

Ọmọ Ìsẹ́yìn:
Ẹ wò ó, tí ẹ bá tò férémù 1, 100 àti 200 bí ó ṣe wí, ṣé wọn ò tẹ́ nílẹ̀ ni? Mo ti kúrò lórí ìjọra. Ìdọ́gba àwọ̀ ni mo wà báyìí.

Ẹ̀dítọ̀ Mọ́kọ́lá:
Mọ̀mọ́ Peckham, ẹ má bínú, mo fẹ́ gbàgbé gèlè yín. Ohun tí Ọmọ Ìsẹ́yìn wí máa ń ṣiṣẹ́ bí iná bá jẹ́ ọ̀kan. Iná ṣọ́ọ̀ṣì àti iná gbọ̀ngàn kì í ṣe ọ̀kan. Bí ó bá da ètò ti ṣọ́ọ̀ṣì kọ sórí ti gbọ̀ngàn, àwọ̀ ara yín ló máa bà jẹ́. Kó pín fọ́tò sí ọ̀wọ́ ní ti iná tí wọ́n fi yà á. Kó mú gèlè gan-an dání níbi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó tún fọ́tò kan ṣe nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan títí á fi bá a mu, kó wá dà á kọ sórí ìyókù ọ̀wọ́ yẹn nìkan. Àmọ́ bí iná gbọ̀ngàn bá jẹ́ ti àwọn onídíjéè, elésè àlùkò pọ́ńbélé, ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ á padà. Wíwé tí wọ́n tún gèlè wé, kò sí ẹ̀rọ tó máa bá yín tò ó.

Ọmọ Abẹ́òkúta:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pín in sí orí méjì nínú ìwé náà: "Kí aṣọ má ṣẹ́jú" àti "Kí ọnà má yọ̀".

Bàbá Onígírámà:
Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Èdè-ìperí gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ. Ta sì ní kí o máa kọ "férémù"? Fírémù ni.

Ìyá Peckham:
Àwa ń pè é ní férémù.