Àbọ̀ rèé lórí owó tí ọ̀rẹ́ mi jẹ mí

Ìbéèrè mi: "Ọ̀rẹ́ mi yá 80,000 náírà fún oṣù kan, ó ti di oṣù márùn-ún. Báwo ni mo ṣe lè bèèrè rẹ̀ láì dójú tì í?"

Ẹ ṣé o. Ẹni tó ní kí n sọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ wa, mi ò jẹ́ dán an wò. Ẹni tó ń bi mí léèrè èlé, owó èlé kọ́ ni mo yá a. Ìyá alájọ ló là mí lójú: kí n má lọ sílé rẹ̀, torí ìyàwó rẹ̀ lè má mọ̀, kí n dárúkọ iye owó, kí n sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa méjì péré, mo ní: "Ọ̀rẹ́ mi, 80,000 yẹn, owó ilé mi ti fẹ́ pé. Èló lo lè mú wá lọ́jọ́ Jímọ̀?" Mi ò bi í ní ohun tó fi owó ṣe. Ó ń fi ìka yí ìdérí ìgò títí, ó wá ní 20,000, ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

20,000 ti wọlé, ọjọ́ kan ló fi pẹ́. À ń retí ìyókù.