Ṣé "ẹja yíyan màmá mi" ló yẹ kí n kọ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, màmá mi máa ń bá àwọn oníbàárà yan ẹja, èmi ni mo sì ń kọ ìwé tí a ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá rẹ̀. Àyè ibẹ̀ kò tó nǹkan, mo wá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. "Ẹja tí wọ́n yan, tí ó sì gbẹ" di "ẹja yíyan gbígbẹ". Ìyẹn ò yọ mí lẹ́nu.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo sọ "ẹja tí màmá mi yan" di "ẹja yíyan màmá mi". Oníbàárà kan ní ṣé màmá mi ti wá gba ẹja òun ni! Lóòótọ́, nígbà tí "tí" àti ọ̀rọ̀ ìṣe lọ, ẹni tó yan ẹja ti di ẹni tó ni ín. Èyí tó ṣì wà lórí iná náà ńkọ́? "Ẹja tí à ń yan lọ́wọ́" ò lè di "ẹja yíyan", torí yíyan ti jinná nìyẹn.

Ṣé ọ̀nà míì wà láti gé e kúrú tí orúkọ ayanja máa fi hàn, àbí kí n kàn jẹ́ kí "tí" wà níbẹ̀?