Òrùka ńlá yí òṣùpá ká lálẹ́ àná: ṣé yìnyín ló fà á lóòótọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ojú ọ̀run, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lálẹ́ àná, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ọmọ mi obìnrin pè mí síta pé òrùka yí òṣùpá ká. Òótọ́ ni: ó tóbi, ó sì funfun. Mo na apá mi tààrà, mo ya àwọn ìka mi. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò bo òṣùpá, ọmọńdinrín mi kan òrùka náà. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn ju ìta lọ, etí rẹ̀ ti inú sì pọ́n díẹ̀.

Ohun tí mo kà ni pé 22° ni irú òrùka bẹ́ẹ̀ fi ń jìnnà sí òṣùpá, àti pé ègé yìnyín kéékèèké onígun mẹ́fà nínú ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè réré ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Wọn ò lè tẹ̀ ẹ́ kó dín ní 22°, ìdí nìyẹn tí inú òrùka fi ṣókùnkùn. Ìyẹn yé mi. Àmọ́ Ìbàdàn ni mo wà, ooru ò sì jẹ́ ká sùn! Ṣé òkè ibẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀wẹ̀, ní ìjẹta, òrùka kékeré kan lẹ̀ mọ́ òṣùpá, òde rẹ̀ pọ́n, ẹ̀ṣẹ́ mi sì bò ó tán. Ṣé ẹ̀kán omi ló fa ìyẹn, àbí yìnyín náà ni? Báwo ni mo ṣe lè fi ojú lásán dá wọn mọ̀ fún ọmọ mi?