Ìkòkò amọ̀ fún ínsúlínì: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó ní Kétu?

Ará Kétu: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, ń gba ínsúlínì, yúníìtì 18 lójúmọ́. Wọn ò ní frìgò nílé. Ìgò 3 ni wọ́n rà lẹ́ẹ̀kan nítorí pé fámásì jìn sí wọn. Ṣé ìkòkò lè tọ́jú rẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Àmù omi ti tó. Ẹ so ìgò náà mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó rì sínú omi. Bí omi bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ju yìnyín sí i.

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni pé omi àmù ń tutù, ṣùgbọ́n ẹ má ri ìgò sínú omi. Bébà ara rẹ̀ á bó, ọjọ́ tí a kọ sí i á parẹ́, omi ìdọ̀tí á sì dúró lórí rọ́bà tí abẹ́rẹ́ ń gún. Yìnyín ló tún léwu jù. Ínsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà tí ojú rẹ̀ sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ wá ìkòkò méjì tí wọn ò fi nǹkan dán lára, kí kékeré wọ inú ńlá, kí àyè ìka méjì ṣẹ́ kù yí i ká. Ẹ rọ yanrìn sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé kékeré lé e, kí ẹ rọ yanrìn kún àyè náà. Ẹ bu omi sí yanrìn títí ara ìkòkò ńlá yóò fi rin. Inú ìkòkò kékeré gbọ́dọ̀ gbẹ. Ínsúlínì á wà nínú ike tó ní ìdérí níbẹ̀. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi bo ẹnu rẹ̀. Ẹ máa bu omi sí yanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, torí bó bá ti gbẹ, ìkòkò lásán ló kù. Kí ó wà lábẹ́ òjìji, lórí àga, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Omi tó ń fò lọ lára amọ̀ ló ń mú ooru lọ; nínú yàrá tó há, kò níbi tí yóò fò lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá ọ̀sà wa níbí, nígbà òjò, ṣé yóò ṣiṣẹ́ bíi ti ọ̀dọ̀ yín?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́: Rárá. Nígbà ọyẹ́, bí ooru ìta bá jẹ́ ìwọ̀n 35, inú ìkòkò lè sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 25. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, ìwọ̀n méjì péré ló lè dín. Ẹ fi tẹmómẹ́tà kékeré sínú ike náà, kí ẹ kà á ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Kò sígbà tí ìkòkò ń di frìgò, tó yẹ kó wà láàrin 2 sí 8.

Ìyá Ẹlẹ́kọ:  Tèmi funfun bíi wàrà láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ṣé ooru ló bà á jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́: Ìyá, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bèèrè, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Irú kan wà tó funfun láti ilé iṣẹ́. Ẹ yí i jẹ́jẹ́ láàrin àtẹ́lẹwọ́. Bó bá dàpọ̀ dọ́gba, ó dára. Bí èèpá bá kù tàbí tó lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dà á nù. Èyí tó mọ́ gaara kò gbọ́dọ̀ ṣú. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè dín láìsí àmì kankan: bí ṣúgà bá ń ga láìjẹ́ pé oúnjẹ yí padà, ẹ ṣí ìgò tuntun, kí ẹ sì pe dókítà.

Ará Kétu: Ìgò 3 yẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́: Ìgò mílílítà 10 ní yúníìtì 1000. Ọ̀sẹ̀ 4 ni a ń lo ìgò tí a bá ti ṣí: ọjọ́ 28, ìlọ́po 18, jẹ́ 504. Ìdajì á ṣẹ́ kù, ẹ ó sì dà á nù. Ó dunni, torí owó ni. Ní 2021, Àwọn Dókítà Aláìláàlà àti Yunifásítì Jẹ̀nífà rí i pé ínsúlínì tó wà nínú ooru ìwọ̀n 25 sí 37 fún ọ̀sẹ̀ 4 kò yàtọ̀ sí ti inú frìgò. Nítorí náà ọ̀sẹ̀ 4 ni kí ẹ kà, kódà fún ìgò tí ẹ kò tíì ṣí nínú ìkòkò. Ẹ bẹ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín kó bá yín fi 2 tó kù sínú frìgò, kí ẹ máa gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Awakọ̀ Kétu: Tẹ́ ẹ bá ń gbé e, àpò tí a ń rẹ sínú omi dára. Ẹ rẹ ẹ́ títí horo inú rẹ̀ á fi wú, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ má sì fi ọ̀rá dì í. Tó bá wà nínú ọ̀rá, kò ní tutù mọ́.

Ará Kétu: Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn, iná ń lọ níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì nígbà mìíràn. Ṣé kí n ṣì kó o síbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní frìgò àjẹsára tó ń lo oòrùn. Bí kò bá sí, ẹ padà wá sọ fún wa.