Lẹ́tà dókítà fún owó ìfẹ̀yìntì nítorí àìlera

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ẹni ọdún 46 ni ọkọ mi, awakọ̀ ni níbi iṣẹ́ rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti mú apá ọ̀tún rẹ̀. Òfin péńṣàn Nàìjíríà ti 2014 gbà kí ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún gba owó rẹ̀, bí dókítà tó kúnjú ìwọ̀n tàbí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá jẹ́rìí pé kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà tí a kọ́kọ́ mú lọ kàn ní kí ó sinmi ni, wọ́n sì dá a padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ń sinmi ṣì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. A ti wá kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún dókítà. Ṣé lẹ́tà tuntun láti ọwọ́ dókítà kan ṣoṣo tó, àbí kí a béèrè fún ìgbìmọ̀? Mo dúpẹ́ ṣáájú.