Ọkọ̀ kọnkéré mẹ́ta ni àbí mẹ́rin fún dẹ́kìn yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Kọnkéré tí wọ́n ti pò wá láti ilé iṣẹ́ ni mo fẹ́ rà. Ìṣirò ti òpó ò le: méjìlá ni wọ́n, 0.3 sí 0.3 mítà, gíga 3 mítà. Kúbíìkì mítà 3.24 nìyẹn. Mo fi ìdá 5 nínú 100 kún un fún èyí tó máa dà nù, mo máa béèrè fún 3.5. Ọkọ̀ kan á gbé e, ọjọ́ tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Dẹ́kìn ló ń dà mí láàmú. Gígùn 12 mítà, fífẹ̀ 9, nínípọn 0.15: 16.2. Tí ìdá 5 bá kún un, ó di 17. Ọkọ̀ wọn ń gbé 6, nítorí náà mẹ́ta tó. Àmọ́ lánàá mo na okùn sórí pákó, mo wọn ọ́n káàkiri, ibi púpọ̀ ti wọlẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 16. Sẹ̀ǹtímítà kan péré, àṣé ó máa gbé ju kúbíìkì mítà kan mì! Pẹ̀lú ìdá 5, ó kọjá 18.

Káfíńtà ti fi igi tì í sókè, àwọn ibi kan gbéra, àwọn ibi kan ò mira. Mo sì ń bẹ̀rù láti pe ìyókù lẹ́yìn ọkọ̀ kẹta, torí bó bá pẹ́ lọ́nà, èyí tí a ti dà á ti máa le, ojú ìpàdé wọn ò ní lẹ̀ dáadáa.

Ṣé kí n ti béèrè fún ọkọ̀ kẹrin kékeré ṣáájú ni, àbí kí n wọn ibi tó kù nígbà tí ọkọ̀ kejì bá tán, kí n tó pè é? Ẹ ṣeun púpọ̀.